Kásíìkì géèmù: ẹ gbọ́ kí ẹ tó yọ owó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà Wàǹdó ra kásíìkì tí yóò fi gbá géèmù, kó fara balẹ̀.

Àbúrò mi ra ti Bùlútúùtù. Orin dùn nínú ẹ̀, fíìmù náà dùn. Àfìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù: ẹsẹ̀ á ti kan bọ́ọ̀lù tán kí ìró tó dé. Bùlútúùtù ń fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kásíìkì á tún tú u, ìyẹn sì lè jẹ ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Fíìmù lè dá àwòrán dúró de ohùn; géèmù ò lè dúró de ọwọ́ yín. Ó tún wá tan máìkì, gbogbo ìró di bíi ti tẹlifóònù àtijọ́, torí pé kásíìkì ti bọ́ sí ọ̀nà ìpè.

Kásíìkì aláìníwáyà tó ní ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Èmi ṣì fẹ́ràn oníwáyà, kì í bèèrè iná. Páàdì PS4 ní ihò rẹ̀ nísàlẹ̀.

Páàdì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà láìní wáyà. Ìtẹ̀ bọ́tìnnì ò wúwo bí ohùn, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fún pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi kásíìkì sórí fún ìṣẹ́jú 15 nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú awò ojú yín tí ẹ bá ń lò ó. Bó bá ń fún yín lẹ́bàá etí níbẹ̀, wákàtí mẹ́ta ò ní ṣeé fara dà.