Ìnáwó oṣù kan nílẹ̀: ibi tí a ti ń ṣì í ṣe

Ẹni tó ní ìnáwó oṣù kan nílẹ̀ kì í fi owó oṣù yìí jẹun oṣù yìí. Èyí tó gbà lóṣù tó kọjá ló ń ná, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí ọ̀gá bá san owó lọ́jọ́ 28, tàbí tó fà á títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì, ìkòkò ọbẹ̀ kò ní mọ̀. Àwa òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ wa ti gbìyànjú ẹ̀, ó sì ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láwọn ibì kan náà.

Ẹ má ka ìnáwó oṣù kan láìka ti ọdún mọ́ ọn

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé kan tó ń gba 90,000 sẹ́fà. Ilé 15,000. Oúnjẹ 1,100 lójúmọ́, ìyẹn 33,000 lóṣù. Zémìjàn 8,000, iná àti omi 6,000, fóònù 3,000, owó tí àwọn ọmọ fi ń jẹun nílé-ìwé 6,000, 4,000 tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Kétu. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 75,000. Ó wá ní 75,000 ni òun ń wá.

Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹsàn-án ń bọ̀. Owó ilé-ìwé, ìwé àti aṣọ àwọn ọmọ á gba 36,000. Òkú ṣíṣe, ìkómọ àti aṣọ ẹbí á kó 24,000 láàárín ọdún. Ìyẹn 60,000, tí a bá sì pín in sí oṣù méjìlá, 5,000 ló kan oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìnáwó rẹ̀ gan-an nìyẹn: 80,000. Ẹni tí kò bá ka 5,000 yìí á kó owó jọ títí di oṣù kẹjọ, ilé-ìwé á gbé e lọ lọ́sẹ̀ kan, á wá máa rò pé ọwọ́ òun ló ń jò. Kí 5,000 náà ní àpò tirẹ̀, kó má sì dàpọ̀ mọ́ èyí tí a ń kó jọ.

Ẹ má máa tọ́jú owó kí gbèsè ìparí oṣù sì wà níbẹ̀

Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé àwọn tó mọ owó tọ́jú gan-an ló ń ṣe é. Akọ̀wé wa yìí, tó bá ti di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù, á yá 20,000, á sì dá 22,000 padà nígbà tí wọ́n bá sanwó. Oṣooṣù ni. Lọ́wọ́ kan náà, ó ń ju 8,000 sínú kóló, kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án, nítorí ó ti búra.

Ó gbà pé owó oṣù òun kò tó. Àmọ́ ká ní 20,000 ló ń dín lóṣooṣù ni, gbèsè náà ì bá ti di 40,000, kó di 60,000. Ojú kan náà ló wà. Ihò kan ṣoṣo ló gbẹ́ nígbà kan, bóyá lọ́jọ́ tí ọmọ ṣàìsàn, ihò ọ̀hún ló sì ń gbé láti oṣù dé oṣù. Ohun tó ń jẹ owó rẹ̀ ni 2,000 èlé yẹn, tó jẹ́ 24,000 lọ́dún, ó sì ń san án lórí owó tó ní irú rẹ̀ nínú kóló.

Kó dáwọ́ kóló dúró ná. Lóṣù kìíní, nínú 10,000 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó, 2,000 jẹ́ èlé, 8,000 yòókù á dín gbèsè kù: 12,000 ló máa yá lọ́tẹ̀ yìí dípò 20,000. Lóṣù kejì, èlé di 1,200, 8,800 wọlé sára gbèsè, ó ku 3,200. Lóṣù kẹta, ó san 3,200 pẹ̀lú èlé 320, gbèsè parí, 6,480 sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, 10,000 lódindi ló ń wọ kóló, oṣù mẹ́jọ sí i sì máa pé 80,000. Oṣù mọ́kànlá lápapọ̀. Bí owó bá ti wà nínú kóló tẹ́lẹ̀, kó fi san gbèsè lónìí, kó má wo ọ̀la.

Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ju owó tó ń wọlé lọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Láti ọdún 2023, 52,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó ń bọ́ ẹni márùn-ún, owó tó ń wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Kóló kò lè bá a ṣe é.

Ẹ má pe àjọ ní owó yín kó tó jẹ́ tiyín

Ẹni mẹ́wàá ń dá 10,000 lóṣù, oníkálukú ń kó 100,000 nígbà tó bá kàn án. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó kó o lóṣù kejì, 20,000 péré ló ti dá. 80,000 tó kù nínú ọwọ́ rẹ̀, owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ni, á sì máa dá a fún oṣù mẹ́jọ tó ń bọ̀. Tó bá pe ìyẹn ní ìnáwó oṣù kan nílẹ̀, gbèsè ló fi ìdérí bò. Ẹni tó fẹ́ lo àjọ fún iṣẹ́ yìí, kó bẹ̀bẹ̀ fún ìkẹyìn. Àwọn tó ń kánjú kì í jà fún un, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sí i.

Ti alájọ tó ń gba owó lójoojúmọ́ ní Wàǹdó yàtọ̀. Owó yín ni lóòótọ́, ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ tirẹ̀. Kò burú fún ẹni tí kò lè rí owó nílé kó má ná an, ṣùgbọ́n ẹ máa kó o kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Alájọ lè sá.

Mómò tí ẹ fi ń ra káàdì tí ẹ sì fi ń rán owó, kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ni owó yìí wà. Nọ́ńbà mìíràn, tàbí àkáǹtì tó gba kí èèyàn rìn dé ibẹ̀.

Ẹ má gbàgbé láti yí i padà lọ́jọ́ tó bá pé

Ibí yìí ni àwọn tó ti dé òpin ti ń ṣubú. 80,000 pé, 90,000 tuntun sì wọlé. Owó tó wà lọ́wọ́ di 170,000, èrò ọ̀kadà àti aṣọ lééṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò sí owó kankan tó lé níbẹ̀ àfi 10,000. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, 80,000 ti kóló ni kó bọ́ sí àpò ìnáwó. Owó oṣù tuntun á wọ inú kóló, 80,000 nínú rẹ̀ á dúró de ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Ẹni tó ń ná owó oṣù tuntun lọ, tó kàn ń wo 80,000 nínú kóló bí àwòrán, ṣì ń fi owó oṣù yìí jẹun oṣù yìí: tí ọ̀gá bá fà á dé ọjọ́ karùn-ún, kóló náà ló máa fọ́.

Bí àìsàn bá mú 25,000 nínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni 10,000 á fi dí i padà. Láàárín ìgbà yẹn, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn oṣù ni yóò tún máa wo ojú ọ̀gá. Kó má yá owó nítorí wọn: lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó yọ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án náà nínú tuntun, kó gbé ìyókù sí kóló.