Bí mo ṣe ń ra àwọn tó ń léwájú lóṣooṣù, àti ohun tí ẹni tó kẹ́yìn fẹ́ fi ṣe mí

$12,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi ní Houston níbí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn àkáǹtì yẹn ju èyí tó kù lọ o. Ẹni tó bá ń tà lóṣooṣù nínú àkáǹtì lásán, ìjọba Amẹ́ríkà á gba owó orí lórí èrè tí kò tíì pé ọdún kan, ó sì ga ju ti èyí tó ti pé ọdún lọ. Nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, mo lè tà kí n rà láìsí wàhálà yẹn.

Momẹ́ńtọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà. Ẹ to àwọn ohun tí ẹ lè rà sórí ìlà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gòkè sí lọ́dún tó kọjá, ẹ ra àwọn tó wà níwájú, nígbà tí oṣù bá yí, ẹ tún wọn tò. Lọ́dún 1993 ni àwọn olùwádìí méjì, Jegadeesh àti Titman, fi iye owó àtijọ́ hàn pé àwọn ṣíà tó ti ń léwájú láàárín oṣù mẹ́ta sí méjìlá sábà máa ń léwájú fún oṣù díẹ̀ sí i. Èmi kò fi ṣíà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe é, torí ìròyìn burúkú kan ṣoṣo lè wó ilé iṣẹ́ kan lulẹ̀ mọ́jú. Àpò ìdókòwò mọ́kànlá ni mo lò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó ilé iṣẹ́ oríṣi kan jọ: XLK jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, XLE ti epo rọ̀bì, XLF ti báǹkì, XLU ti iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Máàkì tí mo ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò le. Iye tó wà ní òpin oṣù tó ṣáájú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni mo ń pín pẹ̀lú iye tó wà lóṣù méjìlá sẹ́yìn. Mo ń fo oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, nítorí ṣíà tó bá fò sókè lóṣù kan ṣoṣo sábà máa ń sinmi lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà nìyí, `px` ni iye owó ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan:

```
score = px.shift(1) / px.shift(12) - 1
rank = score.rank(axis=1, ascending=False)
hold = (rank <= 3).shift(1)
```

Àwọn `shift(1)` yẹn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Nígbà tí mo fi iye owó àtijọ́ dán an wò ní àkọ́kọ́, mo gbàgbé èyí tó wà ní ìlà kìíní àti èyí tó wà níparí ìlà kẹta, èsì tó jáde sì dán ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi ti ń dùn kí n tó rí i pé òpin oṣù ni mo ń mọ ẹni tó léwájú, àmọ́ èrè oṣù yẹn gan-an ni mo ń ṣírò fún ara mi, bíi pé mo ti rà á láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá fura sí iṣẹ́ yín, ẹ fi oṣù kan sí ìdúró náà. Ọgbọ́n tó jẹ́ òótọ́ á kàn dínkù díẹ̀ ni. Èyí tó ń yojú wo ọ̀la á wó pátápátá. Iye owó tí a ti ro èrè tí àpò náà ń pín pọ̀ mọ́ ni kí ẹ sì lò. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, XLU tó ń pín èrè dáadáa á máa rẹ̀yìn lórí ìlà láìjẹ̀bi.

Lórí títún un tò, mo kọ́kọ́ ń mú mẹ́ta tó wà níwájú láìwo ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ẹni kẹta àti ẹni kẹrin kàn ń pààrọ̀ ipò ni: lóṣù yìí mo tà, lóṣù tó ń bọ̀ mo tún rà padà. Mo yí òfin náà padà. Kí n tó ra ohun kan, ó gbọ́dọ̀ wọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí n tó tà á, ó gbọ́dọ̀ já kọjá ipò karùn-ún. Ìdá mẹ́ta ọgbọọgba ni mo pín owó sí, n kò sì fọwọ́ kan ìwọ̀n ọ̀kan àyàfi tó bá ti yẹ̀ ju 5% lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lóṣù ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, tí ọjà bá ti ṣí fún bíi wákàtí kan, torí iye tí ẹni tó ń rà ń pè àti èyí tí ẹni tó ń tà ń pè máa ń jìnnà síra ní àárọ̀ kùtù.

Àbúrò mi ló wá gbé ọ̀rọ̀ tó le kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń ra ẹni iwájú, kí ló dé tí ẹ ò yá ẹni tó kẹ́yìn, kí ẹ tà á, kí ẹ rà á padà nígbà tó bá já wálẹ̀ sí i? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ máa fi jẹun.”

Mo ṣí ìlà òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2020 fún un. XLK ló wà lókè. XLE ló kẹ́yìn, ó ti pàdánù tó ìdajì iye rẹ̀ láàárín ìgbà tí máàkì náà kà. Ní ìlú epo tí a ń gbé yìí, kò sẹ́ni tó nílò kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ilé iṣẹ́ Pfizer kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà àwọn ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, Zoom tí gbogbo ayé ti ń rà já ní nǹkan bíi 17%, àwọn ilé iṣẹ́ epo sì fò sókè. Kí oṣù náà tó parí, XLE ti gòkè ju 25% lọ. Ẹni tó ra àwọn tó wà níwájú nìkan náà jèrè, wọ́n kàn fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ni. Ẹni tó yá XLE tà ló rójú ogun.

Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni pé kì í ṣe ìgbà tí ọjà ń wó ni jàǹbá yìí máa ń dé, ìgbà tí ọjà bá ń dìde ni. Àwọn olùwádìí méjì, Daniel àti Moskowitz, ṣírò rẹ̀: láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ṣíà tó kẹ́yìn gòkè ní 163%, àwọn tó wà níwájú gòkè ní 8% péré. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Keje àti Kẹjọ ọdún 1932. Nígbà tí ọjà bá ti já pẹ́, àwọn tí kò mì púpọ̀, bí àwọn olóúnjẹ àti oníná, ló máa gba iwájú ìlà, àwọn báǹkì tó ti fẹ́ kú á bọ́ sẹ́yìn. Tí ẹ̀mí bá padà sára ọjà, àwọn tó sún mọ́ ikú jù ló ń fò jù.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ mi ni pé n kò yá ohunkóhun tà. Èkejì ni pé bí S&P 500, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Amẹ́ríkà lápapọ̀, bá wà nísàlẹ̀ ibi tó wà lóṣù mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, mo ń fi ìdajì owó tó wà lọ́jà ra gbogbo ọjà pọ̀, ìyẹn SPY, kí n lè ní ìpín nínú ìdìde àwọn ẹni ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ló ń ṣiṣẹ́ jù: mo ń wo bí àwọn ohun tí mo rà ṣe mì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ ọjà 126 tó kọjá, mo sì ń fi owó tó bá a mu síta, kí ìmìtìtì ọdún má bàa ju 12% lọ. `daily` ni èrè tàbí àdánù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, 252 ni iye ọjọ́ ọjà nínú ọdún, `w` sì ni ìpín owó tó máa wà lọ́jà:

```
vol = daily.tail(126).std() * 252 ** 0.5
w = min(1, 0.12 / vol)
```

Ká ní ìmìtìtì ọjọ́ kan jẹ́ 1.5%. Ti ọdún á tó 23.8%. 12 tí a pín pẹ̀lú 23.8 á fún wa ní ìdajì. Nínú $12,000, nǹkan bíi $6,000 ló máa wà lọ́jà, $2,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kù á lọ sínú BIL, tí í ṣe ìwé ẹ̀yáwó ìjọba fún oṣù díẹ̀.

Àbúrò mi ní kí n kàn fi àṣẹ títà fúnra rẹ̀ sí i, bó bá já 8% kó tà. Mo ní ọjà tó bá ṣí ní 10% nísàlẹ̀, níbẹ̀ ni àṣẹ náà máa tà á, kò sì sí àṣẹ tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn òfin mi náà ní ibi tí agbára wọn mọ. Ní oṣù Kọkànlá 2020 yẹn, S&P 500 wà lókè ibi tó wà lọ́dún méjì ṣáájú, nítorí náà òfin kejì kò ní ta pútú. Ìmìtìtì ọjọ́ 126 pẹ̀lú kò lè mọ ìròyìn tó bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù báyìí, ìdajì wákàtí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà mí. Àbúrò mi á pè, á ní, “Ẹni tó kẹ́yìn ńkọ́?” Màá ka orúkọ rẹ̀ fún un. Kò tíì bi mí léèrè mọ́ pé ká yá a tà.