Bí a ṣe ń dá ọjọ́ àti wákàtí pẹ̀lú onígàrí Ìjẹ̀bú kí a tó lọ wo ibi iṣẹ́ wọn

Mo gbéra láti Ìkòròdú ní ìdájí ọjọ́ kan láti lọ wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ Ajé ni èmi àti ìyá onígàrí ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ní kí n wá ní ijọ́ márùn-ún òní. Nígbà tí mo fi débẹ̀ ní Àbámẹ́ta, iná ti kú lábẹ́ agbada. Ìyá ti lọ sọ́jà, kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n kó àpò sí sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Ìyá ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ọjọ́ márùn-ún tiwọn sì bọ́ sí Ẹtì. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wa, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì yan gàrí.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣe é bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fojú rí. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á wá dì í sínú àpò kí omi rẹ̀ máa jò, kí ó sì máa kan. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fi wà nínú àpò yẹn ló ń fún un ní kíkan tí a fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fún omi tó kù dànù pátápátá, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì yan án. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ kò ní rí gàrí tọ́ wò. Ẹni tó bá sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n yan án lè bá a nínú àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu, kò ní mọ̀ bóyá wọ́n tẹ́ ẹ kí ó tutù kí wọ́n tó dì í. Ọ̀rọ̀ títutù yìí ṣe pàtàkì sí mi ju àwọ̀ rẹ̀ lọ, torí gàrí tí wọ́n bá dì ní gbígbóná máa ń làágùn nínú àpò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti ń hu ebu.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pè, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé mo lè wá lọ́jọ́ báyìí?" Ọ̀pọ̀ àgbà á ní kí ẹ máa bọ̀, torí wọn kì í fẹ́ dá àlejò padà. Ẹ bi wọ́n pé: "Mà, ọjọ́ wo lẹ rin èyí tó wà nílẹ̀? Ọjọ́ wo lẹ ó yan án? Aago mélòó lẹ máa ń dáná?" Ìdáhùn wọn ni ẹ ó fi mú ọjọ́. Bí wọ́n bá rin ín ní Ọjọ́ Ajé, tí wọ́n fẹ́ yan án ní Ẹtì, tí wọ́n sì ń dáná ní aago méje àárọ̀, aago mẹ́sàn-án ló dára: ẹ ó bá wọn nídìí ajọ̀ àti agbada, ẹ ó sì rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yan. Bí wọ́n bá sọ pé àárọ̀ àná ni wọ́n rin ín, tí wọ́n sì fẹ́ yan án lónìí, gàrí tí kò kan ni yóò jẹ́, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ ọjà wọn tàbí ọdún ìlú kò ní bọ́ sí ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọ̀nà àárín Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ẹrù á gbà wọ̀rọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àsìkò Agẹmọ, nígbà tí àwọn Agẹmọ bá ń rìn lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kì í pàdé wọn lọ́nà. Obìnrin ni mí, mo sì máa ń béèrè èyí láìtijú.

Ìgbà tí ọjọ́ bá ti dúró ni kí ẹ béèrè ẹni tí yóò gbà yín lálejò. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ bèèrè bóyá ẹni náà ní kọ́kọ́rọ́, bóyá ó lè ṣí àpò kí ẹ tọ́ ọ wò, àti bóyá ó lè dá iye lé e tàbí ìyá nìkan ló ń sọ iye. Ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ lè má mọ nǹkan kan nípa ọjà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹnì kejì pẹ̀lú, torí fóònù ẹni àkọ́kọ́ lè kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Èyí tí mo kọ ní ìgbà kejì nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Èmi ni mo pè láàárọ̀ láti Ìkòròdú nípa ogún àpò gàrí. Mò ń bọ̀ ní Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, láti wo èyí tí ẹ rin ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10. Àwa méjì la ó wá, nínú ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ pupa. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ta ni ká béèrè tí a bá dé, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Ibo ni ká ti yà tí a bá kọjá Òrù? Bí nǹkan bá yí padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣeun mà."

Ẹ rí i pé orúkọ ọjọ́ àti ọjọ́ oṣù ló wà níbẹ̀, kò sí "ọ̀túnla", kò sí "ijọ́ márùn-ún òní". Bí ìyá kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, ẹ fi ohùn sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí Wátsáàpù, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún ọjọ́ àti aago sọ fún yín. "Ẹ ṣáà máa bọ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tí yóò gbà yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe ìyá. Bí ó bá ní "àlejò wo nìyẹn?", wọn kò tíì sọ fún un, ẹ pe ìyá kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tún pè é. Ẹ bi í bóyá ẹ̀gẹ́ náà ti ṣetán fún yíyan, torí bí jáàkì bá bàjẹ́, omi kò ní fún tán, iṣẹ́ á sún di ọjọ́ kejì. Ẹ tún pè é tí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní Ẹtì yẹn, ọmọ ìyá tó jẹ́ obìnrin ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìró rẹ̀. Ó mú wa lọ sídìí agbada ná, ó bu gàrí gbígbóná sórí àtẹ fún mi, ó ní kí n jẹ́ kó tutù kí n tó tọ́ ọ wò.