Bí mo ṣe fi omi àti amọ̀ ṣàlàyé ìlú Úrúkù fún ọmọ àbúrò mi

Ọmọ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì ń lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó ka ìtàn ilẹ̀ Súmérì nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn gúúsù Ìráàkì òde òní, níbi tí odò Tígírísì àti odò Yúfúrétì ti ń ṣàn lọ sínú òkun. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, wọ́n ní òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Báwo ló ṣe wá jẹ́ ibẹ̀ ni ìlú ńlá ti kọ́kọ́ yọjú?"

Òótọ́ ló sọ. Òjò ibẹ̀ kì í tó mìlímítà 200 lọ́dún, ọkà bálì kò sì lè fi ìyẹn nìkan gbó. Mo rí i pé ẹnu lásán kò ní tó, ni mo bá ní kó mú ọkọ́ kékeré bọ̀ lẹ́yìnkùlé.

A kó amọ̀ àti iyanrìn jọ, a fi mọ ebè kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Orí ebè yẹn gan-an ni mo gbẹ́ ojú odò sí. Ó wò mí títí. Ó ní odò kì í wà lókè kí oko wà nísàlẹ̀. Mo ní bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Tí Yúfúrétì bá kún bo bèbè, ẹrẹ̀ tó wúwo jù lára omi náà kì í rìn jìnnà kó tó balẹ̀, ẹ̀bá odò ló máa ń dà á sí. Ọdún dé, ọdún lọ, bèbè ń ga sí i, ìsàlẹ̀ odò náà ń ga sí i, títí odò fi ga ju pápá tó yí i ká lọ. Àǹfààní àgbẹ̀ nìyí: kò nílò láti pọn omi. Tó bá ti la bèbè, omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ oko.

Mo da omi sójú odò, mo fún un ní ṣíbí pé kó la bèbè. Ó là á fẹ̀ jù. Kí n tó ní kó rọra, omi ti ya bèbè náà lọ, gbogbo oko sì di ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbin bálì ní Súmérì, nígbà tí omi odò kéré. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni yìnyín orí àwọn òkè ilẹ̀ Tọ́kì máa ń yọ́ sínú odò, àkókò yẹn gan-an sì ni bálì ti gbó tó ń retí dòjé. Omi kì í sí nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀, ó sì máa ń ya lu oko nígbà tí wọn kò fẹ́ ẹ rárá. Ẹni tó bá ń dáko níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí yàrà omi, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí i pa.

A tún un mọ. Lọ́tẹ̀ yìí a là á tẹ́ẹ́rẹ́, a fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣe ìdènà omi. Omi lọ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò dé ìdí oko mọ́, nítorí ẹrẹ̀ ti kún inú yàrà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kó o jáde. Mo ní, "Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ohun tí ò ń ṣe yìí. Tí ẹni tó wà lókè kò bá kó ẹrẹ̀ tirẹ̀, ti ẹni ìsàlẹ̀ ló máa gbẹ."

Ibí ni mo ti ṣọ́ra. Àwọn kan máa ń sọ pé ọba ló kọ́kọ́ kó èèyàn jọ láti gbẹ́ yàrà, pé ibẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìletò kéékèèké ti ń bomi rin oko wọn fúnra wọn fún ohun tó ju 2,000 ọdún lọ kí ìlú tó dé. Ohun tí mo gbà ni pé ọkà tí yàrà mú wá pọ̀ ju ohun tí àgbẹ̀ lè jẹ lọ, ìyókù rẹ̀ sì ń bọ́ ẹni tí kì í dáko. Ní Úrúkù, ìlú ńlá kan ní Súmérì tó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 250 ní ìparí ẹgbẹ̀rún ọdún kẹrin kí wọ́n tó bí Jésù, ọgbà tẹ́ńpìlì òrìṣà Ìnánà, tí wọ́n ń pè ní Éánà, ń gba ọkà wọlé, ó sì ń pín in fún òṣìṣẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwo amọ̀ kan níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, tí etí rẹ̀ dagun, tí wọn kò dán rárá, bí ohun tí wọ́n kàn fi kánjú tẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ òṣìṣẹ́.

Bí ọkà bá ń wọlé tó ń jáde lójoojúmọ́, tí èèyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gba tiwọn, orí ta ló lè gbà á? Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ń fi ẹyọ amọ̀ kéékèèké ṣe ìṣirò, ẹyọ kan fún ohun kan. Wọ́n tún máa ń dì wọ́n sínú ìṣù amọ̀ tó níhò nínú, wọ́n á tẹ àmì wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní láti fọ́ ọ kó tó mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Tí àmì bá ti wà lẹ́yìn, kí ni ohun tó wà nínú tún wúlò fún? Ó rántí káàdì alájọ ìyá rẹ̀, ó ní igi tí wọ́n fà síbẹ̀ ló dúró fún owó. Inú mi dùn.

A bu amọ̀ látinú yàrà wa, a sẹ́ òkúta kúrò, a pò ó títí ó fi dán, a tẹ́ ẹ bíi wàláà tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo gé igi eèsún kan, mo fi hàn án: tí o bá dagun ẹnu igi náà tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á dà bí èékánná, ọ̀kan nìyẹn. Tí o bá gbé e dúró ṣánṣán tẹ̀ ẹ́, á ṣe ihò róbótó, mẹ́wàá nìyẹn. Àgùntàn mẹ́tàlélógún jẹ́ ihò méjì àti èékánná mẹ́ta, pẹ̀lú àmì àgùntàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òbìrìkìtì tí àgbélébùú wà nínú.

Wàláà àkọ́kọ́ tutù jù, amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ igi. Èkejì gbẹ jù, ó sán. Èyí tó dáa ni èyí tí ìka lè tẹ̀ tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó ń ya òbìrìkìtì yẹn, amọ̀ ń wú sókè lẹ́bàá ìlà, ó ń da àmì rú. Ó ní, "Àǹtí, títẹ̀ rọrùn ju yíyà lọ." Ohun tí àwọn akọ̀wé Súmérì náà padà rí nìyẹn. Ẹgbẹ̀ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn wàláà àkọ́kọ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwòrán tì, wọ́n ń fi igun igi tẹ àmì tó ṣe bí èèkàn ṣóńṣó.

Mo fi àwòrán wàláà Úrúkù kan hàn án lórí fóònù. Ìṣirò bálì ni, òṣùwọ̀n 29,086 láàárín oṣù 37, àti àmì tí wọ́n ń kà sí Kúṣímù. Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá orúkọ ẹni ni tàbí orúkọ ipò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun rò pé ìtàn ọba tàbí àdúrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ. Ọkà ni.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa padà sílé, mo bá wàláà kékeré kan lórí tábìlì mi, ó ti gbẹ dáadáa. Orí èèyàn ló yà síbẹ̀, pẹ̀lú àwo níwájú ẹnu rẹ̀, bí àmì tí àwọn ará Úrúkù fi ń kọ "jẹun" tí mo ti fi hàn án. Èékánná mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ìresì rẹ̀ ló ń béèrè, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi gbẹ́ yàrà.