Sífíì nọ́ọ̀sì kan fún Ìlú Ọba àti Jámánì: ohun tí mo yọ, ohun tí mo fi sílẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan l'Adó-Èkìtì ló ni sífíì tí mo tún ṣe yìí, ọsibítù ní Ìlú Ọba àti ní Jámánì ló sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí. Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ ní Òkèṣà ló rí: fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lápá ọ̀tún lókè, bàíòdátà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí, pé ó ti lọ́kọ, pé Kìrìsìtẹ́nì ni, àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Fún iṣẹ́ nílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ níbí ṣì ń sọ iye ọdún tí wọn ò fẹ́ kéèyàn kọjá, iṣẹ́ ìjọba sì ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀dà yẹn, mo ṣe méjì tuntun.

Ti Ìlú Ọba ni mo kọ́kọ́ ṣe. Òfin ìdọ́gba wọn ti ọdún 2010 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tìtorí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó lé èèyàn sẹ́yìn. Òfin náà kò ní kí ìwọ má kọ ọ́ o, àmọ́ ẹni tó ń ṣa orúkọ kò fẹ́ rí ohun tí wọ́n lè sọ lọ́la pé òun ló fi ṣèdájọ́. Nítorí náà, gbogbo bàíòdátà ló lọ, ó ku orúkọ, fóònù, ímeèlì àti ìlú tó ń gbé. Mo fi gbólóhùn kan kún un pé yóò nílò agbanisíṣẹ́ tí yóò bá a gba físà, torí ìyẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀.

Nígbà tí mo yọ fọ́tò, ó bi mí pé: "Àǹtí, ṣé wọn ò ní rò pé mò ń fara pa mọ́ ni?" Wọn ò ní rò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi fọ́tò sí i gan-an ló máa ń yàtọ̀ níbẹ̀. Inú tébù kan náà ni fọ́tò àti bàíòdátà tún wà. Mo da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ sínú Notepad, mo sì rí i pé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti bọ́ sáàárín iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Bí kọ̀ǹpútà tó ń ka sífíì ṣe lè kà á nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò rèé: ọjọ́ orí ń yọjú láti ibòmíì. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1992 sí 1998 ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn sì tó láti ṣírò ọdún tí wọ́n bí i. Mo yọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ímeèlì rẹ̀ ní 1986 nínú, a ṣí tuntun. Orúkọ fáìlì jẹ́ `CV_Mrs_1986.pdf`. Mo sọ ọ́ di `Registered_Nurse_CV.pdf`. Ẹ̀sìn náà farapamọ́ síbi iṣẹ́ ọ̀fẹ́, níbi tó ti kọ pé òun ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. A yọ orúkọ ìjọ, a kọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ gan-an: ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà.

Lẹ́yìn èyí, fọ́ọ̀mù ọsibítù ìjọba Ìlú Ọba yóò tún béèrè ẹ̀sìn àti ọjọ́ orí lọ́tọ̀. Ẹ má jáyà. Láti fi ka iye èèyàn tó wá ni, kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣa orúkọ, èèyàn sì lè ní òun ò fẹ́ sọ.

Ti Jámánì yàtọ̀. Láti 2006 ni òfin tiwọn náà ti wà, kò sì pọn dandan kí fọ́tò wà níbẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ṣì ń fi sí i. Mo dá a padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ yẹn: a ya tuntun, láti èjìká sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò wé gèlè, ó tóbi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 sí 6. Ọjọ́ ìbí àti ìlú tí wọ́n bí i sí wà níbẹ̀, torí àṣà wọn ni. Ìgbéyàwó ni mo yọ, kò ṣe nǹkan kan fún un. Nísàlẹ̀, ó kọ ìlú àti déètì, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹ̀sìn ló gba àròjinlẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ló ni ọ̀pọ̀ ọsibítù níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti Yúróòpù dájọ́ ní 2018 pé ìjọ kò lè béèrè ẹ̀sìn àyàfi tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá nílò rẹ̀. Nítorí náà, mi ò kọ ọ́. Tí ìpolówó kan bá sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, ẹ̀dà ti ọsibítù yẹn nìkan ni yóò wọ̀. Tí wọ́n bá gbà á tán, ẹni tó ń ṣètò owó oṣù yóò béèrè ẹ̀sìn rẹ̀ nítorí owó-orí ìjọ, tó jẹ́ ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí tí wọ́n ń yọ. Ti sífíì kọ́ nìyẹn.

Bó bá fẹ́ gbìyànjú Sáúdí tàbí Dùbáì, ẹ̀dà tilé ló sún mọ́ ọn jù: fọ́tò, ọjọ́ ìbí, orílẹ̀-èdè àti ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń retí níbẹ̀.