Bí mo ṣe tún àwọn ìbéèrè ọpẹ́ alẹ́ mi tò

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ohun tí mo ti kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé tí mo fi ń kọ ọpẹ́ mi sílẹ̀. Nínú ọjọ́ 14, mo ti kọ "ìlera" ní ìgbà 9. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú rẹ̀. Ìbéèrè mi ló fà á: "Kí ni mo dúpẹ́ fún lónìí?" gbòòrò jù, ìdáhùn tó bá sì wà nítòsí ni ọwọ́ ń mú.

Mo gé páálí pélébé-pélébé, mo sì pín in sí ìdì méjì. Ìdì kìíní ń sọ ibi tí n ó wò: ohun tí mo jẹ, ohun tí ọwọ́ mi lò, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́, àṣìṣe mi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdì kejì ń sọ bí n ó ṣe wò ó: ta ló ṣe làálàá tí n kò rí? Bí kò bá sí ńkọ́? Lálẹ́, mo máa ń mú páálí tó wà lókè ìdì kọ̀ọ̀kan, n ó kọ ìdáhùn, n ó sì fi páálí náà sí ìsàlẹ̀ ìdì rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí 6 àti 4, mo sì rò pé yóò tó mi fún alẹ́ 24. Ní alẹ́ kẹtàlá, méjì tí mo kọ́kọ́ mú tún jọ jáde. Nítorí pé 2 lè pín 6 àti 4 láìṣẹ́kù, ìdajì nínú àwọn páálí méjì-méjì 24 náà kò lè jọ jáde láéláé. Mo sọ wọ́n di 7 àti 5, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 ni ọ̀sẹ̀, "ohun tí mo jẹ" sì ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú nígbà gbogbo, ni mo bá ń kọ ìrẹsì ṣáá. 8 àti 5 ló yanjú rẹ̀: alẹ́ 40 ni yóò kọjá kí méjì kan náà tó tún jọ jáde.

Ní alẹ́ kan, "ohun tí ọwọ́ mi lò" pàdé "ta ló ṣe làálàá tí n kò rí?" Garawa omi ni mo rántí, mo wá rántí pé ọmọ aládùúgbò mi ló tò fún un nídìí ẹ̀rọ omi. Ní òwúrọ̀, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bí mo bá rí i pé mo lè kọ ìdáhùn kan láìjẹ́ pé mo jí lọ́jọ́ náà, mo máa ń fa ìlà sẹ́yìn páálí ìdì kìíní tó mú un wá. Páálí tó bá ní ìlà 3 ni mo ń yọ, n ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí iye wọn má bàa yí padà. "Bí kò bá sí ńkọ́?" nìkan ni mo ń ṣọ́ra fún. Ó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, egbò ló ń ṣí. Mo fi páálí funfun tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan rọ́pò rẹ̀ fún 40 ọjọ́ gbáko.