Bí mo ṣe fi ìyípadà Fúríà sọ pọlinọ́míà ńlá méjì di púpọ̀ láìjẹ́ kí odidi nọ́ńbà kankan yẹ̀

Pọlinọ́míà méjì ni mo ní láti fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kóífíṣẹ́ǹtì 500,000, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó máa ń ṣíwájú x, x², x³ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, odidi nọ́ńbà láti 0 dé 999,999 sì ni gbogbo wọn. Iye ọ̀nà tí àwọn nǹkan lè gbà para pọ̀ ni mo ń kà, nítorí náà èsì gbọ́dọ̀ pé pérépéré. Bí mo bá fẹ́ mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ níkọ̀ọ̀kan kí n fi sọ gbogbo ti èkejì di púpọ̀, ìsọdipúpọ̀ bílíọ̀nù 250 ni n óò ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọ̀nà fíríkúẹ́ńsì.

Ọ̀nà náà kò lọ́jú pọ̀. A ó wá iye tí pọlinọ́míà kọ̀ọ̀kan ń fún wa ní ojú àmì N tó tò yí ká òbírí, a ó fi iye méjì tó wà lójú àmì kan náà sọ ara wọn di púpọ̀, a ó sì padà láti ara iye wọ̀nyí sí kóífíṣẹ́ǹtì. Èsì mi yóò ní kóífíṣẹ́ǹtì 999,999, nítorí náà mo fi òdo dí ẹ̀yìn pọlinọ́míà méjèèjì títí wọ́n fi gùn tó 1,048,576, èyí tí í ṣe 2²⁰. Bí ènìyàn bá lo 524,288, àwọn agbára x tó ga yóò yí padà wá da pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n ìsúnmọ́ tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kí n tó fọwọ́ kan nọ́ńbà iṣẹ́ mi gan-an, mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀: mo fi 999,999 sí gbogbo àyè nínú pọlinọ́míà méjèèjì. Kóífíṣẹ́ǹtì x⁴⁹⁹⁹⁹⁹ ló tóbi jù nínú èsì, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 500,000 lọ́nà 999,999 lọ́nà 999,999, tó jẹ́ 499,999,000,000,500,000. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. `double` tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe ìṣirò yìí ní bíìtì 53 péré fún nọ́ńbà, nítorí náà gbogbo odidi nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀ títí dé 2⁵³, bí 9×10¹⁵. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò: méjì méjì ni, lẹ́yìn náà mẹ́rin mẹ́rin, nígbà tó bá sì fi máa dé agbègbè 5×10¹⁷, 64 ló wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdáhùn tí mo ń wá ṣeé pín sí 32, ṣùgbọ́n kò ṣeé pín sí 64, nítorí náà kò sí nínú `double` rárá. Àwọn tó súnmọ́ ọn jù fi 32 dín sí i tàbí fi 32 lé e. Kódà bí ìyípadà náà kò bá ní àṣìṣe kankan nínú, ìdáhùn kò ní àyè tí yóò jókòó sí.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún jù ni àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé: kí a wo bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú èsì ṣe jìnnà sí odidi tó wà nítòsí rẹ̀, kí a sì gbà pé gbogbo rẹ̀ dára bí kò bá súnmọ́ 0.5. Nígbà tí nọ́ńbà bá ti kọjá 2⁵², gbogbo `double` ti di odidi fúnra rẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò yìí yóò sọ fún ọ pé ìjìnnà jẹ́ 0 gan-an lórí ìdáhùn tó fi odindi 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì. Òdo tó dán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fu ènìyàn lára.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín kóífíṣẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sí apá méjì, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, pẹ̀lú 1000 láàárín wọn:

```
a1 = (a + 500) / 1000
a0 = a - 1000*a1
```

Ìpín odidi ni ti ìlà àkọ́kọ́, a óò ju àṣẹ́kù nù. Àfikún 500 náà ló jẹ́ kí `a0` wà láàárín −500 sí 499 dípò 0 sí 999, kí àwọn apá ìsàlẹ̀ má baà kórajọ sí ìhà kan. Mo yí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo ṣe ìsọdipúpọ̀ òkè pẹ̀lú òkè, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀, mo sì ro ìsọdipúpọ̀ méjì tó kọjá láàárín wọn pọ̀ kí n tó padà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ìpadà. Mo wá sún èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ odidi, mo sì dà wọ́n pọ̀ nínú odidi nọ́ńbà oníbíìtì 64, kì í ṣe nínú `double`. Nínú ìdánwò mi, 999,999 di 1000 lókè àti −1 nísàlẹ̀. Apá òkè fún mi ní 500,000,000,000, apá àárín −1,000,000,000, apá ìsàlẹ̀ 500,000. Ẹ fi 1,000,000 sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1000 sọ ti èkejì, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìkẹta, 499,999,000,000,500,000 gan-an ni yóò jáde.

Àṣìṣe tí a lè retí kò ṣòro láti fojú díwọ̀n. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan nínú `double` lè ṣì tó bí 1.1×10⁻¹⁶ ní ìwọ̀n bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi tó. Èyí tó tóbi jù báyìí jẹ́ 5×10¹¹, nítorí náà a wà ní nǹkan bí 0.00006, ìpele 20 ló wà nínú ìyípadà náà, lílọ àti bíbọ̀ sì wà, síbẹ̀ a kò lè kúrò ní agbègbè 0.01. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, èyí tó jìnnà sí odidi jù lọ kò dé 0.001, mo sì lè gba àyẹ̀wò náà gbọ́ wàyí nítorí pé nọ́ńbà wọ̀nyí kéré jìnnà sí 2⁵².

Ìdí tí mo fi lo 999,999 níbi gbogbo dípò nọ́ńbà tí a mú láìṣẹ̀ṣà ni pé nọ́ńbà tó ní òdì àti àìlódì máa ń pa ara wọn rẹ́, èsì wọn yóò kéré, àṣìṣe wọn náà yóò sì kéré. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Nọ́ńbà tí gbogbo wọn wà ní ìhà kan náà ni í kórajọ sí fíríkúẹ́ńsì òdo, wọ́n á sì mú kí àṣìṣe ga níbi gbogbo nínú èsì.

Ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n yìí ní ohun kan tó rọ̀ mọ́: àwọn àmì ara òbírí gbọ́dọ̀ pé. Bí a bá ń rí àmì kọ̀ọ̀kan nípa fífi igun kékeré kan sọ èyí tó ṣáájú di púpọ̀, àṣìṣe yóò máa gorí ara wọn, ìlà náà sì gùn tó 524,288 ní ìpele tó kẹ́yìn. Mo pe kósáìn àti sáìn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì tọ́jú wọn sínú tábìlì:

```
w[k] = polar(1.0, -2*pi*k/N)
```

Ó gba àkókò díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì tó ń jogún àṣìṣe àmì mìíràn.

Àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù kò lo `double` rárá. Mo mú nọ́ńbà kan, r, láìṣẹ̀ṣà, mo wá iye A(r), B(r) àti C(r), C ni èsì náà, gbogbo rẹ̀ nínú àṣẹ́kù lẹ́yìn pípín sí 2⁶¹ − 1, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín àfi sí 1 àti ara rẹ̀. Bí A(r) lọ́nà B(r) kò bá bá C(r) mu, àṣìṣe wà dájúdájú. Bí èsì bá ṣì, ó dín sí àyè kan nínú bílíọ̀nù 1,000 pé kí r tí a mú má tú u fó, nítorí pé agbára x tó ga jù kò tó mílíọ̀nù kan. Ohun tí èyí kò lè ṣe ni pé kò ní sọ kóífíṣẹ́ǹtì tó ṣì. Ìjìnnà sí odidi ni mo máa ń padà sí fún ìyẹn.

Bí kóífíṣẹ́ǹtì bá lè ga tó bílíọ̀nù kan, apá mẹ́ta ni n óò pín in sí dípò méjì, pẹ̀lú 1000 náà. Ṣùgbọ́n èsì lè dé 5×10²³ nígbà náà, kò sì ní wọ inú bíìtì 64 mọ́. A gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ nínú bíìtì 128, tàbí kí a máa mú àṣẹ́kù bí a ti ń dà á pọ̀, bó bá jẹ́ àṣẹ́kù nìkan la fẹ́.